Jàǹbá ṣẹ̀ nílé iṣẹ́: báwo la ṣe ń kọ ìwé ìfilọ̀ tí kò ní dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ṣáájú ìwádìí?

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa tó máa ń gba Ọ̀wọ̀ lọ sí Àkúrẹ́ ò ní tíì gbàgbé ìbúgbàmù tó ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà yẹn lóru mọ́jú ọjọ́ 28, oṣù Kẹta, ọdún 2020. Ilẹ̀ luhò, ọ̀pọ̀ ilé bàjẹ́, ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ náà ò bọ́ nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ náà gan-an ni Gómìnà ìgbà yẹn, Rótìmí Akérédolú, sọ pé ọkọ̀ tó ń kó ohun abúgbàmù lọ síbi tí wọ́n fẹ́ tọ́jú rẹ̀ sí ní ìpínlẹ̀ mìíràn ló fà á. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó mọ̀ nípa ilẹ̀ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, ní tòun, òkúta láti ojú ọ̀run ló já lulẹ̀ síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ di méjì. Ẹni tó ti di ọ̀kan mú ò fẹ́ gbọ́ èkejì mọ́, bẹ́ẹ̀ ihò yẹn kan náà ni gbogbo wọn ń wò.

Irú nǹkan báyìí máa ń ṣẹlẹ̀ nílé iṣẹ́ kéékèèké náà, níbi tí rédíò ò ní gbọ́ sí i. Ẹ̀rọ á ṣe èèyàn léṣe láàárọ̀. Kó tó di ọ̀sán, ìdí tó fi ṣe é ti wà lẹ́nu gbogbo èèyàn. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ọ̀gá á ti kọ ìwé kan, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó ìfilọ̀, wọ́n á tún yà á sórí Wọ́ọ̀sáàpù. Ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ìwé yẹn wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù, kò lè fèsì. Ìwé yẹn ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò: kí ló yẹ kó wà níbẹ̀, kí ni kò yẹ kó wà níbẹ̀, àti ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé iṣẹ́ gàrí kan, ká ní ẹ̀yìn ìlú Ìpè-Àkókó ló wà. Àpẹẹrẹ ni mo fi ń ṣe o, kò sí ilé iṣẹ́ kankan tí mò ń fọ̀rọ̀ gún lára. Àmọ́ kò sí nǹkan tó wà nínú rẹ̀ tí ẹ ò tíì rí rí. Òṣìṣẹ́ bí ogún ló wà níbẹ̀: àwọn tó ń bó ẹ̀gẹ́, àwọn tó ń rin ín, àwọn tó ń fi jáàkì fún un, àwọn obìnrin tó wà nídìí agbada. Ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ méjì ló wà níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì oní-dísù ló ń yí ọ̀kọ̀ọ̀kan, bẹ́líìtì rọ́bà ló sì so ẹ́ńjìnnì mọ́ ẹ̀rọ. Ẹ́ńjìnnì yìí kò ní bọ́tìnnì tí wọ́n ń tẹ̀. Ọ̀pá irin ni wọ́n fi ń yí i kó tó dún.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá kọjá ogójì ìṣẹ́jú, bẹ́líìtì ẹ̀rọ kejì mú ọwọ́ ọ̀dọ́kùnrin kan. Ẹnì kejì rẹ̀ sáré pa ẹ́ńjìnnì. Wọ́n fi aṣọ wé ọwọ́ náà, wọ́n gbé e sínú mọ́tò, ó di ọsibítù ìjọba ní Ìkàrẹ́. Ìka méjì ló kàn.

Akọ̀wé ilé iṣẹ́ wá jókòó, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó kọ ìwé yìí:

"ÌKÌLỌ̀ PÀTÀKÌ. A fi ń tó gbogbo òṣìṣẹ́ létí pé nítorí àìbìkítà, ọ̀kan nínú yín ti ọwọ́ bọ ẹ̀rọ lónìí, ó sì fara pa. Ìwádìí fi hàn pé ó kọ̀ láti tẹ̀lé òfin ilé iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ a ti kìlọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ara rẹ̀ ti ń yá. Ẹnikẹ́ni tó bá tún dán irú rẹ̀ wò yóò rí ìjìyà tó tọ́."

Akọ̀wé yìí kì í ṣe èèyàn burúkú. Ẹ̀rù ló ń bà á, ó sì fẹ́ kí àwọn tó kù ṣọ́ra. Àmọ́ ẹ wo ohun tí èdè wa ṣe fún un láìjẹ́ pé ó mọ̀. Ó ní ọmọ yẹn "ti ọwọ́ bọ ẹ̀rọ." Lédè Yorùbá, ẹni tó bá ti ọwọ́ bọ nǹkan, òun ló ṣe é, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ẹni tó bá ti ọwọ́ bọ ìkòkò ọbẹ̀, ẹran ló ń wá. Tí ẹ bá ní "ẹ̀rọ gé e lọ́wọ́," ẹ ti yí i padà sórí ẹ̀rọ nìyẹn, ẹni tó ni ẹ̀rọ ló máa wá dáhùn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní "ọwọ́ rẹ̀ há sáàárín bẹ́líìtì àti wíìlì," ẹ ti sọ ibi tí ọwọ́ wà àti ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i, ẹ ò sì tíì dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Kò sí iyàn nínú ìyẹn. Ẹni tó pa ẹ́ńjìnnì rí i bẹ́ẹ̀, èmi àti ẹ̀yin náà la bá wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ la ṣe máa rí i.

"Kọ̀ láti" tún le ju ìyẹn lọ. Inú ọkàn ni ìkọ̀sílẹ̀ ti ń wá. Akọ̀wé ò sí nídìí ẹ̀rọ, kò sì bá ọmọ náà sọ̀rọ̀. Ó lè jẹ́ pé kò mọ òfin yẹn. Ó lè jẹ́ pé ó mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ẹnì kan pàṣẹ ohun mìíràn fún un láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó sì lè jẹ́ pé ó kọ̀ lóòótọ́. A ò mọ̀ ni.

Èyí tó máa ń bí mi nínú jù ni "ìwádìí fi hàn." Ọ̀sán kò tíì pọ́n, ta ló wádìí? Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé gbọ́ lẹ́nu èèyàn méjì nínú ọgbà ló pè ní ìwádìí. Gbólóhùn yẹn ló sì máa ń ti ilẹ̀kùn pa, nítorí pé tí àwọn tó yẹ kó wádìí bá jókòó lọ́jọ́ kejì, gbogbo òṣìṣẹ́ ti mọ èsì tí ọ̀gá ń fẹ́. Ẹni tó rí nǹkan mìíràn á gbé e mì.

"Ara rẹ̀ ti ń yá" dùn ún gbọ́. Ẹnu ta ló ti jáde? Tó bá di alẹ́ tí wọ́n ní wọ́n ti gé ìka kan, àwọn òṣìṣẹ́ á ní irọ́ ni ilé iṣẹ́ ń pa fún wa, wọn ò sì ní gba èyí tó kù gbọ́.

Kí n má gbè sẹ́yìn ẹnì kan o. Àwọn òṣìṣẹ́ náà ní ìdájọ́ tiwọn, ó sì máa ń yá ju ti ọ̀gá lọ. "Wọn ò fi gáàdì sí i, òun ló pa ọmọ ọlọ́mọ lára." Ó lè jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n èrò ṣì ni. Àwọn kan á ní Ògún ló ń bínú, pé ọdún kan ti kọjá tí wọn ò ti bọ ohun èlò irin tó wà níbẹ̀. Àwọn mìíràn á ní ọwọ́ ayé ni. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ohun tó gbà gbọ́, àmọ́ kò sí ibi tí èyíkéyìí nínú wọn yóò jókòó sí nínú ìwé àkọ́kọ́.

Ẹ wá wo bí mo ṣe máa kọ ọ́ tó bá jẹ́ pé èmi ni akọ̀wé yẹn:

"ÌFILỌ̀ FÚN GBOGBO ÒṢÌṢẸ́. Ọjọ́bọ̀, aago 1:30 ọ̀sán.

Láàárọ̀ òní, ní nǹkan bí aago 10:40, ọwọ́ ọ̀tún òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa kan há sáàárín bẹ́líìtì àti wíìlì ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ kejì. Ẹni tó wà nítòsí rẹ̀ pa ẹ́ńjìnnì. Wọ́n gbé e dé ọsibítù ní Ìkàrẹ́ ní aago 11:45. Màníjà wà lọ́dọ̀ rẹ̀, àwọn ẹbí rẹ̀ sì ti gbọ́. Ní aago 1:00, dókítà sọ fún màníjà pé àwọn ṣì ń tọ́jú ìka rẹ̀. Ohun tí ẹbí bá gbà ká sọ lẹ́yìn èyí, a ó sọ ọ́.

Nígbà tí a dé ìdí ẹ̀rọ náà ní aago 11:00, ìbòrí bẹ́líìtì kò sí lórí rẹ̀. A ò tíì mọ ìgbà tó ti kúrò níbẹ̀ tàbí ìdí tó fi kúrò. A ò sì tíì mọ bóyá òun ló fa ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀rọ kejì ti wà ní pípa, a sì ti ti yàrá rẹ̀ pa. Ẹ má gbá ibẹ̀, ẹ má fọ ọ́, ẹ má sì gbé ohunkóhun kúrò níbẹ̀. A ti dá ẹ̀rọ kìíní náà dúró kí a lè yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí pé irú kan náà ni àwọn méjèèjì. Ẹni tí èyí dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró yóò gba owó ọjọ́ òní pé.

Àwọn mẹ́ta ló máa wádìí: igbákejì màníjà, ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, àti ẹnì kan tí ẹ̀yin òṣìṣẹ́ bá yàn kí a tó ṣíwọ́ lónìí. Ẹni tó bá wà nítòsí, kó wá sọ ohun tó fojú ara rẹ̀ rí tàbí tó fetí ara rẹ̀ gbọ́, kó tó di aago 4 ìrọ̀lẹ́ ọ̀la. A ò ní fìyà jẹ ẹnikẹ́ni torí pé ó wá sọ ohun tó rí.

A ó tún kọ̀wé sí yín ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, ì báà jẹ́ pé a ti mọ púpọ̀ sí i tàbí a ò tíì mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pín àwòrán rẹ̀ káàkiri. Kí Ọlọ́run wò ó sàn."

Ẹ ó rí i pé ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì ní aago nínú káàkiri. Aago yẹn ṣe pàtàkì. Ìròyìn jàǹbá kì í dúró sójú kan, ohun tó jẹ́ òótọ́ ní aago kan lè máà jẹ́ òótọ́ mọ́ ní aago márùn-ún. Tí ìwé bá sọ pé "ní aago 1:00, dókítà sọ pé," kò sẹ́ni tó lè pè é ní irọ́ lọ́la, kódà tí nǹkan bá yí padà. Ó sọ ohun tí a mọ̀, ìgbà tí a mọ̀ ọ́n, àti ẹnu tó ti jáde.

Ibi tí àríyànjiyàn pọ̀ sí jù ni ọ̀rọ̀ ìbòrí bẹ́líìtì. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá, pàápàá tí lọ́yà bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, á ní kí akọ̀wé yọ ọ́ kúrò, pé ó dà bíi kí ilé iṣẹ́ fẹnu ara rẹ̀ kọ. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Èèyàn mẹ́wàá ti débẹ̀, gbogbo wọn rí i pé ìbòrí ò sí níbẹ̀. Tí ìwé bá dákẹ́ lórí rẹ̀, ohun tí wọ́n máa kà nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni pé wọ́n fẹ́ bò ó mọ́lẹ̀. Pé a ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi kò túmọ̀ sí pé ká fi ohun tí ojú rí pamọ́. Ohun tí ojú rí ni pé kò sí níbẹ̀ ní aago 11:00. Pé ẹnì kan yọ ọ́, ojú ò rí ìyẹn. Àní tí ẹ bá kọ "wọ́n ti yọ ìbòrí kúrò," ẹ ti dá "wọn" kan sílẹ̀ tí gbogbo èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí wá. Ó lè jẹ́ pé ó já bọ́ fúnra rẹ̀ ni.

Bákan náà ni ti ẹ̀rọ kìíní. Ẹnì kan lè béèrè pé tí a ò bá tíì mọ ìdí, kí ló dé tí a fi dá ẹ̀rọ tí kò ṣe nǹkan kan dúró? Torí pé ààbò ò lè dúró de ìwádìí ni. A lè pa ẹ̀rọ, ká yẹ̀ ẹ́ wò, ká fi ìbòrí tuntun sí i láìsọ pé àìsí ìbòrí ló fa ti àná. Gbólóhùn kékeré yẹn, "nítorí pé irú kan náà ni àwọn méjèèjì," ló jẹ́ kó ṣeé ṣe. Ó sọ ìdí tí a fi ń ṣọ́ra, kò sọ ìdí jàǹbá. Owó ọjọ́ náà tí mo fi kún un kì í ṣe àánú lásán o. Tí ẹ bá da iṣẹ́ èèyàn dúró tí ẹ ò sì sanwó fún un, lọ́jọ́ mìíràn á rí ewu, kò sì ní sọ̀rọ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí pé mi ò ṣe ìlérí pé kò sẹ́ni tí wọ́n máa bá wí láéláé. Ìlérí yẹn náà jẹ́ ìdájọ́ tó yá jù. Tí ìwádìí bá lọ fi hàn pé ẹnì kan mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é láti pa ẹlòmíràn lára, kí lẹ máa wí? Ohun tí mo ṣe ìlérí rẹ̀ kéré jùyẹn lọ: pé ẹni tó bá wá sọ ohun tó rí ò ní jìyà torí pé ó sọ ọ́. Ìyẹn la lè mú ṣẹ.

Ọ̀rọ̀ àdúrà inú ìwé náà wà níbẹ̀ torí pé lágbègbè wa níbí, ìwé tí kò bá ní gbólóhùn kan fún ẹni tó wà nínú ìrora á dà bí ìwé tí òkúta kọ. Gbólóhùn kan tó. Tó bá ti di ìwàásù, ẹ̀bi á ti wọlé sínú rẹ̀.

Nǹkan kan tún kù tí ìwé ò lè ṣe fúnra rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo òṣìṣẹ́ ló ń kàwé. Ní agbègbè Ìpè, ẹ lè rí ẹni tó ń sọ èdè ìlú rẹ̀, ẹni tó wá láti ilẹ̀ Ẹ̀bìrà, ẹni tó jẹ́ pé píjìn nìkan ló yé e, gbogbo wọn nínú ọgbà kan náà. Nítorí náà, wọ́n gbọ́dọ̀ kà á sókè lójú gbogbo wọn kí wọ́n tó ṣíwọ́, kí ẹnì kan sì sọ ọ́ ní èdè tó kù. Ẹni tó ń túmọ̀ gbọ́dọ̀ mú ìwé náà lọ́wọ́. Tó bá ń sọ ọ́ látorí, "ọwọ́ rẹ̀ há" á padà di "ó ti ọwọ́ bọ ọ́" kó tó délé.

Ṣé ó tó ohun tí èèyàn ń wàhálà lé lórí báyìí? Ẹ jẹ́ ká kúrò ní Àkókó díẹ̀, ká dé òkè òkun, níbi tí ilé iṣẹ́ ńlá kan ti ṣe irú àṣìṣe yìí lójú gbogbo ayé. Ọjọ́ 23, oṣù Kẹta, ọdún 2005 ni iná sọ níbi tí ilé iṣẹ́ BP ti ń fọ epo ní ìlú Tẹ́sáàsì Sítì, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Èèyàn 15 kú, èèyàn tó tó 180 fara pa. Wọ́n ń tan apá kan ilé iṣẹ́ náà padà lẹ́yìn àtúnṣe, epo wá kún òpó gíga kan ju bó ṣe yẹ lọ, ó tú jáde, ó sì gbiná. Ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, kò tíì pé oṣù méjì, BP gbé ìròyìn ìwádìí àkọ́kọ́ jáde. Orí àṣìṣe àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà ni wọ́n gbé ẹ̀bi tó pọ̀ jù lé, wọ́n sì lé àwọn kan lọ.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2007 ni àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń wádìí jàǹbá kẹ́míkà parí iṣẹ́ tirẹ̀. Ohun tí wọ́n rí yàtọ̀. Aago tó ń fi bí epo ṣe pọ̀ tó nínú òpó hàn ń sọ pé epo ń dínkù, nígbà tó jẹ́ pé ńṣe ló ń pọ̀ sí i. Ohun tó yẹ kó dún kó kìlọ̀ pé epo ti ga jù ò dún. Àwọn kan nínú àwọn tó wà nídìí rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ wákàtí méjìlá lóòjọ́ fún bí ọjọ́ 29 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìsinmi. Owó tó yẹ kí wọ́n fi tún nǹkan ṣe ni wọ́n ti ń gé láti ọdún pípẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ṣe àṣìṣe lóòótọ́, àjọ yẹn náà ò sọ pé wọn ò ṣe é. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ẹni tó ka aago tó ń parọ́ nìkan ni wọ́n lé lọ, aago yẹn ṣì wà níbẹ̀ de ẹni tó máa gba ipò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà wálé. Òfin wa ní Nàìjíríà náà ní ohun tó kàn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Òfin Ilé Iṣẹ́ ti ọdún 1987 ní tí jàǹbá bá pa òṣìṣẹ́, tàbí tí kò bá jẹ́ kó lè ṣiṣẹ́ gba owó rẹ̀ pé fún ohun tó lé ní ọjọ́ 3, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí alábòójútó ilé iṣẹ́ ti ìjọba láìjáfara. Òfin Owó Ìrànwọ́ Òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010, tí àjọ NSITF ń bójú tó, fún òṣìṣẹ́ tàbí ẹbí rẹ̀ ní ọjọ́ 14 láti sọ fún agbanisíṣẹ́. Agbanisíṣẹ́ sì ní ọjọ́ 7 láti fi tó àjọ náà létí. Òṣìṣẹ́ ò nílò láti fi hàn pé ọ̀gá òun jẹ̀bi kó tó lè béèrè owó yẹn. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí níbẹ̀ ni pé nígbà tí akọ̀wé bá fẹ́ kọ ìwé tó ń lọ sọ́dọ̀ ìjọba, ìwé orí pátákó ló máa wò kọ. Tí "àìbìkítà" bá wà níbẹ̀, á tẹ̀ lé e wọ inú fáìlì, á sì jókòó síbẹ̀ nígbà tí ọmọ yẹn bá lọ béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tí wọ́n fi báńdéèjì wé.

Ó dáa, ọjọ́ Àbámẹ́ta ti dé nínú àpẹẹrẹ wa. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti gbọ́ ti èèyàn mẹ́fà, wọ́n sì ti dé ọsibítù bá ọmọ náà sọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n gbọ́ rèé. Ọjọ́ Ajé ni ìbòrí ti kúrò, nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ bẹ́líìtì; bóòtù méjì ti sọnù, ẹni tó ń tún un ṣe sì ti ní kí wọ́n ra òmíràn. Wọn ò tíì rà á. Bẹ́líìtì tí wọ́n fi sí i gùn díẹ̀ ju bó ṣe yẹ, nítorí náà ó máa ń yọ̀ tí ẹ̀gẹ́ bá pọ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ. Tó bá ti yọ̀, ọ̀nà tó tọ́ ni kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n dá bẹ́líìtì padà, kí wọ́n tún tan án. Ṣùgbọ́n ọ̀pá tí wọ́n fi ń yí ẹ́ńjìnnì náà ti wọ́, èèyàn méjì ló ń yí i, ó sì lè gbà wọ́n ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Gbogbo ẹni tó ń lo ẹ̀rọ yẹn, títí kan ẹni tó ń bójú tó wọn, ti ń fi ọwọ́ tì bẹ́líìtì padà nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Ọ̀dọ́kùnrin yìí ṣe ohun tí wọ́n kọ́ ọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó débẹ̀.

Ẹ rántí "àìbìkítà" ti ìwé àkọ́kọ́. Ṣé ó ti ọwọ́ bọ ọ́? Bẹ́ẹ̀ ni, ó ti ọwọ́ bọ ọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ò tilẹ̀ jẹ́ irọ́. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n dúró sí, ẹ́ńjìnnì tí ọ̀pá rẹ̀ ti wọ́ ò bá ṣì wà níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọwọ́ ẹlòmíràn á sì wà lórí bẹ́líìtì.

Ìwé kejì kúrú ju èkíní lọ. Ó sọ ohun tí wọ́n ti rí, ó sì tún yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí wọn ò tíì rí:

"Láti ọjọ́ Ajé ni ìbòrí bẹ́líìtì ẹ̀rọ kejì ti kúrò, nígbà tí a ń pààrọ̀ bẹ́líìtì; a ò dá a padà nítorí bóòtù tó sọnù. A ti gbọ́ lẹ́nu èèyàn mẹ́rin pé wọ́n máa ń fọwọ́ dá bẹ́líìtì padà láìpa ẹ́ńjìnnì, torí pé ó ṣòro láti tún un tan. Láti òní, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, ì báà jẹ́ ta ló ní kí ẹ ṣe é. A ò ní lo ẹ̀rọ méjèèjì títí ìbòrí yóò fi wà lórí wọn tí a ó sì ti tún ọ̀pá ẹ́ńjìnnì ṣe. Ohun tó kù tí a ń wádìí ni bí ìwé tí wọ́n fi béèrè bóòtù ṣe rìn láti ọjọ́ Ajé. Dókítà ti gé orí ìka kan, ìka kejì wà níbẹ̀. Ó gbà ká sọ èyí fún yín, ó sì ní òun ń kí gbogbo yín."

Ẹ wò ó, ilé iṣẹ́ kọ "a ò dá a padà." Wọn ò kọ "ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe kò dá a padà." Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, "a" nìkan ló tọ́ síbẹ̀. Ẹni tó ń tún un ṣe ti béèrè bóòtù, ibi tí ìbéèrè rẹ̀ há sí ni wọn ò tíì mọ̀. Tó bá jẹ́ pé ó ti dé orí tábìlì màníjà kó tó há, ìwé kẹta ló máa sọ ọ́, màníjà ló sì máa fọwọ́ sí i.

Tí ìwé kejì bá dé, ẹ má ya ti àkọ́kọ́ kúrò lára pátákó. Ẹ lẹ̀ wọ́n mọ́ ẹ̀gbẹ́ ara wọn, pẹ̀lú aago àti ọjọ́ tó wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó bá wọṣẹ́ lálẹ́ lè ka méjèèjì.